Àṣìṣe tá a máa ń ṣe tá a bá fẹsẹ̀ wọn oko: ẹ má dárúkọ nọ́ńbà kan ṣoṣo

Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lẹ fi wọn oko yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé éékà 2.37 ni. Mo ti sọ ọ́ rí, ó sì dun ẹ̀gbọ́n ìyá mi lápò.

Wọ́n ní ilẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Iléṣà níbí lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, wọ́n fẹ́ gbin kòkó sí i, wọ́n wá ní kí n bá wọn wo bó ṣe tóbi tó kí wọ́n lè mọ iye ọmọ kòkó tí wọ́n máa rà. Mo rìn ín, òòró rẹ̀ jẹ́ ìṣísẹ̀ 150, ìbú rẹ̀ jẹ́ 110, mo ka ìṣísẹ̀ mi kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ bàtà 2.5, ó di 375 ní 275. Mo sọ méjèèjì di ìlọ́po lórí fóònù, mo fi 43,560 pín in torí iye ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin tó wà nínú éékà kan nìyẹn, fóònù gbé 2.367 jáde. Mo ní, "Màámi, éékà 2.37 ni." Kòkó tá a bá gbìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá-mẹ́wàá, bíi 435 ló ń wọ éékà kan, Màámi bá lọ ra 1,030. Nígbà tí wọ́n fi okùn pín ilẹ̀ tán, bíi 960 péré ló gbà, àádọ́rin ṣẹ́kù sínú ọ̀rá, ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ sí. Ìgbà tí awọnlẹ̀ fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà la rí i pé 362 ní 266 ni, ìyẹn éékà 2.21.

Fóònù ò ṣìṣirò o, ohun tí mo fún un ló gbé jáde. Mo ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wọn ẹsẹ̀ bàtà 100 lórí títì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rìn ín, mo ka 39, mo ka 40, mo ka 41. Lórí títì gbọọrọ lẹsẹ̀ mi ò ti dọ́gba, ká má tíì wá sọ inú oko tí ebè àti gbòǹgbò wà, ibẹ̀ kò sẹ́ni tí kì í kúrú ìṣísẹ̀ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi 150 pín 362, ẹ máa rí i pé 2.41 ni mo ń gbé, kì í ṣe 2.5. Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ò ti wò ó nìyí: ẹsẹ̀ kan náà tó kúrú ní òòró ló kúrú ní ìbú, àwọn méjèèjì ò ní pa ara wọn rẹ́, ńṣe ni wọ́n ń kún ara wọn. Tí ìṣísẹ̀ bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, gbogbo ilẹ̀ náà máa fi bíi mẹ́wàá ṣìnà.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò pọ̀. Kí n yọ ìdá márùn-ún yẹn kúrò lára òòró àti ìbú, ó di 356 ní 261, éékà 2.1 nìyẹn. Kí n tún fi kún un, ó di 394 ní 289, éékà 2.6. Kí n wá sọ pé, "Màámi, ó wà láàárín éékà 2.1 sí 2.6, àárín rẹ̀ ni bíi 2.4." Ọmọ kòkó wá di bíi 915 sí 1,130, wọ́n á kọ́kọ́ ra 915, tí ilẹ̀ bá ṣẹ́kù wọ́n á padà lọ mú sí i.

Ẹ má tún wá torí ìbẹ̀rù sọ pé ó wà láàárín éékà kan sí márùn-ún. Òótọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ta ló lè fìyẹn ra nǹkan? Ẹni tó sì sọ pé 2.36 sí 2.38, nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn náà ló ṣì ń sọ. Ohun tẹ́ ẹ fojú rí ni kẹ́ ẹ fi mọ bí àlàfo náà ṣe máa fẹ̀ tó, ìyẹn iye tí ìṣísẹ̀ yín fi yàtọ̀ síra nígbà tẹ́ ẹ rìn ín léraléra, àti bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí.

Àwọn kan á ní fóònù á wọ̀n ọ́n dáadáa jù. Níta gbangba, ó lè fi bíi mítà márùn-ún ṣìnà, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 16, lábẹ́ igi obì tàbí kòkó àgbà ó tún ń burú jù bẹ́ẹ̀. Lórí ìbú ẹsẹ̀ bàtà 266, ẹsẹ̀ bàtà 16 ti lé ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹsẹ̀ yín ò kúkú burú jù ú lọ. Ilẹ̀ ńlá ló ti wúlò.

Àlàfo yìí ò sì lè gbà yín tí ilẹ̀ náà ò bá ní igun tó gún. Ẹ rìn láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún igun méjì yòókù, tí ìṣísẹ̀ méjèèjì bá fi púpọ̀ jura lọ, ẹ má sọ òòró àti ìbú di ìlọ́po rárá, ẹ pín in sí onígun mẹ́ta méjì kẹ́ ẹ ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Torí gbígbìn nìkan ni gbogbo èyí o. Tó bá jẹ́ ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ tàbí ẹ fẹ́ rà á, ẹ má fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ẹ pe awọnlẹ̀.