Bí mo ṣe ṣírò iye tí a ó máa ta àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún

Àbúrò ìyá mi ní ilé iṣẹ́ àdìrẹ alábẹ́là kékeré kan ní Abẹ́òkúta, èmi ni mo sì ń bá wọn tọ́jú ìwé owó. Nígbà tí aṣọ funfun gbówó lórí, wọ́n ní kí n bá àwọn wá iye tí ó yẹ kí a máa ta ẹyọ ọ̀pá márùn-ún kan. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn oníṣòwò ń gbà mọ iye ọjà: kí ènìyàn fi èrè lé owó tí ó ná, kí ó wo iye tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tà, tàbí kí ó wádìí ohun tí ọjà náà yóò ṣe fún ẹni tí ó fẹ́ rà á. Mo lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún aṣọ kan náà, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì rí.

Orí owó tí à ń ná ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ogún ẹyọ ni a máa ń rẹ pọ̀ ní ọwọ́ kan. Ọgọ́rùn-ún ọ̀pá aṣọ funfun, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1,200, gba ₦120,000. Aró, kọ́sítíìkì àti haidirósì gba ₦28,000, àbẹ́là gba ₦17,000, gáàsì àti omi tí a fi ń se aṣọ kí àbẹ́là lè yọ́ kúrò lára rẹ̀ gba ₦10,000, owó àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì sì jẹ́ ₦40,000. Mo fi ₦40,000 mìíràn kún un fún iṣẹ́ ọwọ́ Àǹtí fúnra wọn. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé èmi náà ni kí n máa sanwó fún ara mi ni?” Mo ní, “Ẹ̀yin náà kọ́, Àǹtí, ọjà ni ó gbọ́dọ̀ san án fún yín. Bí ẹ bá lọ bá ẹlòmíràn ya àbẹ́là fún iye ọjọ́ yẹn, ẹ ó gba owó iṣẹ́. Bí a kò bá kà á, a ó máa pe owó iṣẹ́ yín ní èrè.” Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦255,000. Owó ilé, iná àti ọkọ̀ jẹ́ ₦45,000 lóṣù, bí a bá sì rẹ ọwọ́ mẹ́ta láàárín oṣù kan, ìpín ọwọ́ kan nínú rẹ̀ jẹ́ ₦15,000. Gbogbo rẹ̀ wá di ₦270,000.

Bí mo bá pín in sí ogún, ẹyọ kan yóò jẹ́ ₦13,500, ṣùgbọ́n ogún kọ́ ni a ń rí tà. Àbẹ́là a máa sán níbi tí a kò fẹ́, aró a sì máa mú ibì kan ju ibòmíràn lọ. Ìwé wa fi hàn pé nínú ogún, ẹyọ méjì ni kì í ṣeé tà, aṣọ méjì yìí sì ti gba aró àti iṣẹ́ bí àwọn yòókù. Nítorí náà mo pín ₦270,000 sí méjìdínlógún, ó sì di ₦15,000. Ìyàtọ̀ ₦1,500 tí ó wà láàárín ìṣirò méjèèjì kò kéré, nítorí inú èrè gan-an ni yóò ti jáde bí a bá gbójú fò ó.

Àǹtí fẹ́ èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbí ni ó yẹ kí ènìyàn ti béèrè pé ìdá 30 ti kí ni. Bí ó bá jẹ́ ti owó tí a ná, ₦4,500 ni a ó fi lé ₦15,000, a ó sì tà á ní ₦19,500. Ṣùgbọ́n ₦4,500 nínú ₦19,500 jẹ́ ìdá 23 péré. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìdá 30 nínú owó tí ó wọlé jẹ́ èrè gbọ́dọ̀ pín ₦15,000 sí 0.7, iye tí yóò sì tà á jẹ́ nǹkan bí ₦21,430. Mo kọ ₦19,500 sílẹ̀, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé orí owó tí a ná ni a ti ka èrè náà.

Ọ̀nà yìí rọrùn, ó sì dára ní ti pé ó ń jẹ́ kí a mọ ibi tí àdánù ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn nínú rẹ̀ ni bí ó ṣe ń ṣe nígbà tí ọjà bá dúró. Ká ní ọwọ́ kan ṣoṣo ni a rí rẹ lóṣù, gbogbo ₦45,000 yóò dé orí ọwọ́ kan náà, ìná yóò di ₦300,000, ẹyọ kan yóò di nǹkan bí ₦16,670, ìṣirò yóò sì ní kí a tà á ní nǹkan bí ₦21,670. Ìyẹn ni pé ní oṣù tí àwọn oníbàárà kò wá, ni ìwé yóò ní kí a gbé owó lé ọjà. Bí a bá tẹ̀ lé e, àwọn tí ó kù náà yóò lọ, ìpín owó ilé lórí ẹyọ kan yóò sì tún ga sí i.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ọjà Ìtòkú láti mọ iye tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń tà. Mo yọ àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ kúrò nínú ohun tí mo ń wò, nítorí oníbàárà tí ó bá fẹ́ ìyẹn kò wá tiwa rárá. Iye tí olùtajà kọ́kọ́ pè kò sì wúlò fún ìṣirò, iye tí ó gbà lẹ́yìn tí a ná an ni mo ń kọ. Àwọn mẹ́rin gba ₦16,000, ₦16,500, ₦17,000 àti ₦18,000. Ẹnìkan gba ₦15,200, ó sì dà bíi pé tirẹ̀ ni ó pọ́ọ́kú jù, títí mo fi wọn aṣọ rẹ̀ tí mo rí i pé ọ̀pá mẹ́rin ni: ₦3,800 ni ọ̀pá kan, èyí tí ó sọ ọ̀pá márùn-ún di ₦19,000, òun gan-an ni ó wọ́n jù. Bí mo ṣe tò wọ́n láti orí èyí tí ó kéré, ₦17,000 ni ó wà láàárín.

Bí a bá tà á ní ₦17,000, èrè wa lórí ẹyọ kan jẹ́ ₦2,000, ọwọ́ kan yóò sì mú ₦36,000 wá. Àmọ́ mo wo ẹni tí ó gba ₦16,000, mo sì bi ara mi pé báwo ni ó ṣe ń ṣe é. Ká ní owó tí ó ń ná dà bíi tiwa gan-an ṣùgbọ́n tí kò ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ₦230,000 ni yóò rí nínú ìwé, ẹyọ kan yóò sì jẹ́ nǹkan bí ₦12,780. Lójú rẹ̀, ó ń jèrè ₦3,220 lórí ẹyọ kan. Bí a bá yọ owó iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ nǹkan bí ₦2,220, ₦1,000 péré ni ó kù. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀ lé iye ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìmọ ìwé rẹ̀ lè máa tẹ̀ lé àṣìṣe tí onítọ̀hún kò tíì rí. Ohun tí ₦17,000 sọ fún mi kò ju pé ibẹ̀ ni oníbàárà lè lọ bí kò bá rà lọ́wọ́ wa.

Ibẹ̀ sì ni ọ̀nà kẹta ti bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà wa kan ń rán ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ tà ní Èkó, ó sì ń yọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì nínú ọ̀pá márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦25,000. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wo iye ṣẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ń dá padà nítorí pé aró ń ṣí. Nínú ogún tí ó fi aṣọ ibòmíràn rán, mẹ́ta padà wá. Nínú ogún tí ó fi tiwa rán, ọ̀kan ni. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí kò ṣòro láti mọ̀: Àǹtí a máa jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí aṣọ dáadáa lẹ́yìn tí ó bá jáde nínú aró, wọn a sì máa ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Wọn a tún gé ìwọ̀nba díẹ̀, wọn a rẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun nínú omi ọṣẹ, bí funfun náà bá sì yí àwọ̀ padà, wọn a dá gbogbo ọwọ́ yẹn padà sí ṣíṣàn.

Ṣẹ́ẹ̀tì méjì tí kò padà mọ́ nínú ogún jẹ́ ₦50,000 tí oníṣòwò náà kò ní dá padà fún ẹnikẹ́ni. Ogún ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá, nítorí náà ₦5,000 ni ó bọ́ sórí ẹyọ kan. Ó tún ń fọ aṣọ ibòmíràn, ó sì ń lọ̀ ọ́, kí ó tó gé e, kí ó má baà súnkì lẹ́yìn rírán. A ti fọ tiwa, ìyẹn sì gbà á lọ́wọ́ ₦1,500. Lódì kejì, ó ń san nǹkan bí ₦1,000 lórí ẹyọ kan fún ọkọ̀ láti Abẹ́òkúta, owó tí kì í san lórí èyí tí ó ń rà ní Èkó. Mo mú ₦17,000, mo fi ₦5,000 àti ₦1,500 kún un, mo yọ ₦1,000, ó sì di ₦22,500. Ibẹ̀ ni òkè pátápátá. Bí a bá gba gbogbo rẹ̀, kò sí ìdí tí yóò fi fi ẹni tí ó ti ń bá rà sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, nítorí náà mo fi ₦1,500 sílẹ̀ fún un, mo sì dá ₦21,000 lábàá.

Àǹtí bẹ̀rù pé ọjà yóò dín kù sí ti ₦19,500, mo sì ṣírò bí ó ṣe lè dín kù tó. Owó ilé kò yí padà, nítorí náà ₦255,000 tí a pín sí méjìdínlógún, ìyẹn nǹkan bí ₦14,170, ni ẹyọ kan ń ná wa ní tòótọ́. Ní ₦19,500, ẹyọ mẹ́rìnléláàádọ́ta lóṣù yóò fi ₦288,000 sílẹ̀ fún owó ilé àti èrè. Ní ₦21,000, ẹyọ mẹ́tàlélógójì péré yóò fi nǹkan bí ₦293,800 sílẹ̀. A lè pàdánù ẹyọ mọ́kànlá kí ó tó di pé a kábàámọ̀.

Iye yìí kò bá gbogbo ènìyàn mu o. Ẹni tí ó wá ra aṣọ ẹbí fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìnáwó, bóyá aró yóò ṣí lẹ́yìn ọdún kan kò jẹ ẹ́ lógún. Ohun tí ó fẹ́ ni kí àwọ̀ gbogbo ẹyọ bára mu. A gba ₦17,500 lọ́wọ́ ẹnìkan fún ẹyọ mẹ́rìndínlógójì. Lẹ́yìn tí a yọ ₦510,000 tí ọwọ́ méjì náà ná wa, ₦120,000 ni ó kù. Kí àwọn aránṣọ má baà bọ́ sórí iye yìí, a kì í tà á bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò bá mú tó méjìdínlógún pọ̀, tí kò sì san ṣáájú. A kì í sì í gbà á ní oṣù tí iṣẹ́ àwọn aránṣọ bá ti kún ọwọ́, torí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá gba àyè tiwọn yóò mú kí ₦3,500 bọ́ lọ́wọ́ wa.

Mo fi ìṣirò ₦22,500 han oníbàárà wa ti Èkó bí mo ṣe kọ ọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gba ₦21,000. Nǹkan méjì ni mo tún ń wò báyìí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta: iye tí àwọn ará Ìtòkú ń gbà lẹ́yìn ìnájà, àti iye ṣẹ́ẹ̀tì tí ó ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn yòókù bá ń ṣan aṣọ wọn bíi tiwa, ₦5,000 náà yóò kúrò, òkè yóò di ₦17,500, a ó sì ní láti wá ọ̀nà dín ₦15,000 tí ẹyọ kan ń ná wa kù.