Àlàfo ni kó o kà, má ka ìlà: ohun tó ń ba ìdáhùn gíráàfù jẹ́

Ọmọ mẹ́rìnlá ló ń wá gba lẹ́sìn lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Tákì, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Lọ́jọ́ tí mo fún wọn ní gíráàfù onílà kan, mẹ́sàn-án nínú wọn kọ 75 síbi tí ìdáhùn ti jẹ́ 72. Wọn ò jíwèé ara wọn wò, torí mo jókòó tì wọ́n. Àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn ṣe, ó sì jẹ́ àṣìṣe tí kì í hàn sójú ẹni tó ṣe é, nítorí pé 75 jọ ìdáhùn tó dáa.

Èmi ni mo ya gíráàfù náà, èmi ni mo sì ro iye inú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Mo ní kí wọ́n gbà pé ìyá kan ń ra kóró kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, a sì fẹ́ mọ iye àpò tó rà lóṣooṣù, láti oṣù kìíní dé oṣù kẹfà. Kajú ni mo mú torí pé àwọn ọmọ ibí mọ ìgbà tó ń pọ̀ lọ́jà àti ìgbà tó ń tán. Bí ìlà náà bá gòkè tó sì tún wálẹ̀, wọn ò ní bi mí pé kí ló fà á.

Oṣù wà lórí ìlà ìbú nísàlẹ̀, iye àpò wà lórí ìlà òró lápá òsì. Nọ́ńbà tí mo kọ sí ìlà òró ni 0, 20, 40, 60, 80 àti 100. Láàárín nọ́ńbà kan sí èkejì, mo fa ìlà tín-ín-rín mẹ́rin. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo pe ọmọbìnrin kan nínú àwọn mẹ́sàn-án, mo ní, “Báwo lo ṣe dé 75?”

Ó ní, “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mà. Láti 60 dé 80, 20 ni. Ìlà mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Tí a bá pín 20 sí mẹ́rin, 5 ni. Àmì oṣù kẹta wà lórí ìlà kẹta, ó wá jẹ́ 60 àti 15.”

Ìṣirò rẹ̀ ò ní àbùkù, ohun tó kà ni kò tọ́. Ìlà mẹ́rin tó bá wà láàárín nọ́ńbà méjì máa ń dá àlàfo márùn-ún sílẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ yín: ìka márùn-ún ló wà níbẹ̀, àmọ́ mẹ́rin ni àlàfo tó wà láàárín wọn. Orí gíráàfù náà bá a mu, ṣùgbọ́n níbẹ̀ nọ́ńbà méjèèjì tí a kọ, ìyẹn 60 àti 80, ni ìka ìpẹ̀kun méjèèjì, ìlà tín-ín-rín mẹ́rin ló wà láàárín wọn, gbogbo ìlà wá di mẹ́fà, àlàfo di márùn-ún. 20 tí a pín sí márùn-ún jẹ́ 4. Oṣù kẹta fi àlàfo mẹ́ta ju 60 lọ, ó jẹ́ 60 àti 12, ìyẹn 72.

Ọ̀nà kan wà tí ọmọ fi lè mú ara rẹ̀ kó tó kọ ìdáhùn, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Kó gbé ìka lé 60, kó máa fi iye tó rò kà lọ sókè títí yóò fi kan 80. Ẹni tó bá fi 5 kà á yóò sọ pé 65, 70, 75, 80, nígbà tí ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà kẹrin. Tó bá dé ibi tí a kọ 80 sí gan-an, 85 ni yóò wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá fi 4 kà á yóò sọ pé 64, 68, 72, 76, 80, ìka àti ẹnu yóò sì jọ débẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má dáhùn ìbéèrè kankan kí wọ́n tó ṣe èyí, kí wọ́n sì fi pẹ́ńsù kọ “àlàfo 1 = àpò 4” sí ẹ̀gbẹ́ gíráàfù.

Mo rò pé mo mọ ohun tó ń fà á tí àwọn ọmọ kì í fi í yẹ sikéèlì wò. Ìwé gíráàfù tí wọ́n ń lò fún ìdánwò Wáẹ́kì ní àpótí ńlá tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 2, àwọn àpótí kékeré inú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 2, ìyẹn ni pé àlàfo 10 ló wà nínú àpótí ńlá kan. Ọwọ́ wọn ti mọ́ mẹ́wàá. Bí wọ́n bá wá bá gíráàfù tí a ti tẹ̀ sínú ìwé, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́rin, àṣà àtijọ́ ni wọ́n máa ń gbé lọ síbẹ̀. Àwọn kan kì í tilẹ̀ pín rárá, ńṣe ni wọ́n ń ka àlàfo kọ̀ọ̀kan sí 1. Ọmọ méjì nínú kíláàsì mi kọ 63 lọ́nà yìí. Èyí burú ju 75 lọ, àmọ́ ó rọrùn láti rí, torí pé 63 kò lè jìnnà sí 60 tó bí àmì yẹn ṣe jìnnà sí i.

Iye tó tọ́ lórí gíráàfù náà láti oṣù kìíní dé ìkẹfà ni 8, 28, 72, 88, 64 àti 24. Ẹni tó fi 5 kà á yóò ní 10, 30, 75, 90, 65 àti 25. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe sún mọ́ra. Tí ìbéèrè bá ní kí a ro gbogbo àpò pọ̀, ti àkọ́kọ́ yóò jẹ́ 284, ti èkejì yóò jẹ́ 295. Ìbéèrè kan tiẹ̀ wà nísàlẹ̀ gíráàfù mi tó ní, “Oṣù mélòó ni àpò tó rà fi ju 64 lọ?” Méjì ni, oṣù kẹta àti ìkẹrin. Oṣù karùn-ún jẹ́ 64 gan-an, kò ju 64 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ka oṣù karùn-ún sí 65 yóò kà á mọ́ ọn, yóò sì kọ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ó ka ìbéèrè náà dáadáa, kò sì mọ ohun tó gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ka iye tó tọ́ náà tún ń kọsẹ̀ níbi ìbéèrè yẹn. “Ju 64 lọ” kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú “kò dín ní 64.” Tó bá jẹ́ pé kò dín ní 64 ni wọ́n béèrè, oṣù karùn-ún yóò wọlé, ìdáhùn yóò sì di mẹ́ta. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìbéèrè kẹ́ ẹ tó padà sórí gíráàfù.

Ìbéèrè tó tún mú ọ̀pọ̀ ni èyí: “Láàárín oṣù méjì wo tó tẹ̀ léra ni iye àpò ti lọ sókè jù?” Márùn-ún nínú wọn kọ oṣù kẹrin. Ojú wọn ti sáré lọ síbi tó ga jù. Ibi tó ga jù kọ́ ni ìbéèrè ń wá, ibi tí ìlà ti gòkè jù láàárín àmì méjì ló ń wá. Láti oṣù kìíní sí ìkejì, àpò 20 ló fi lé. Láti ìkejì sí ìkẹta, 44. Láti ìkẹta sí ìkẹrin, 16 péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìlà ti dé òkè téńté. Oṣù kejì sí ìkẹta ni ìdáhùn, ojú sì lè rí i láìṣírò, torí pé ibẹ̀ ni ìlà ti dúró ṣánṣán jù. Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè béèrè oṣù méjì. Ẹni tó bá kọ oṣù kan ṣoṣo ti ṣì í kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni pásẹ́ǹtì. “Pásẹ́ǹtì mélòó ni iye àpò fi dín kù láti oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún?” 88 di 64, ó dín ní 24. Kò sẹ́ni tó ṣì ìyẹn. Àmọ́ àwọn kan fi 64 pín 24, wọ́n sì gba 37.5. Iye tí a ti ń bọ̀ ni a fi ń pín, kì í ṣe iye tí a dé. Oṣù kẹrin la ti ń bọ̀, nítorí náà 24 tí a fi 88 pín, tí a sọ di ìlọ́po 100, jẹ́ 27.3 bí a bá fi sí ẹyọ kan lẹ́yìn àmì dẹ́símà. Ọ̀rọ̀ “láti” inú ìbéèrè ló ń sọ èyí tí a ó fi pín.

Ọmọkùnrin kan béèrè bóyá a lè ka iye àpò tó wà láàárín àmì oṣù kejì àti ìkẹta, torí pé ìlà kọjá níbẹ̀. Inú mi dùn sí ìbéèrè rẹ̀. Lórí gíráàfù yìí, a ò lè kà á. Àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àròpọ̀ odidi oṣù kan, kò sì sí oṣù mìíràn láàárín ìkejì àti ìkẹta. Ìlà tí a fi so wọ́n pọ̀ kàn ń fi hàn bóyá iye ń lọ sókè tàbí ó ń bọ̀ wálẹ̀ ni. Ká ní ooru omi tó ń tutù nínú ìkòkò la ń wọ̀n ní wákàtí wákàtí, ìyẹn yàtọ̀. Omi ò fo láti ìwọ̀n kan sí òmíràn, nítorí náà a lè ka ààbọ̀ wákàtí lórí ìlà náà, ká sì pè é ní iye tí a fojú díwọ̀n.

Ti báà ṣáàtì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Orí ọ̀pá náà gan-an ni kí ẹ gbé rúlà lé, kó dùbúlẹ̀ gbọọrọ dé ìlà òró, kẹ́ ẹ tó ka àlàfo. Tí ọ̀pá méjì bá wà pọ̀ lóṣù kan, ẹ kọ́kọ́ wo àlàyé àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ má fi ti ọkùnrin dáhùn ti obìnrin. Tí wọ́n bá kọ “ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún” sí ìlà òró, 15 kì í ṣe 15, 15,000 ni.

Èyí tó lágbára jù níbẹ̀ ni ìlà òró tí kò bẹ̀rẹ̀ láti 0. Mo ya ọ̀pá méjì fún wọn: kíláàsì kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 45, èkejì ní 50. Mo mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlà òró láti 40. Ọ̀pá àkọ́kọ́ wá gùn ní ìwọ̀n 5, èkejì ní ìwọ̀n 10. Mo bi wọ́n pé ìlọ́po mélòó ni kíláàsì kejì jẹ́ sí ti àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló dáhùn pé ìlọ́po méjì. Gígùn ọ̀pá ni wọ́n fi wé ara wọn, wọn ò wo nọ́ńbà. Akẹ́kọ̀ọ́ 5 péré ni èkejì fi ju àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ti 45. Mo tún ọ̀pá méjèèjì yà láti 0 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin tó kọ 75 lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ na ìka sí ìsàlẹ̀ ìlà òró, ó ní, “Ẹ̀tàn wà níbí, mà, 40 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.”