Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá ń lo CFI fún aláìsàn tó ṣí wá sí Ìlú Ọba

Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun san £180 fún kọ́ọ̀sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lo CFI, ìyẹn àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ bí aláìsàn àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe rí ìṣòro ẹ̀ nínú àṣà tiwọn. Inú bí mi gan-an, kì í ṣe sí òun o, sí àwọn tó gba owó yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rìndínlógún péré ni. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbé e jáde nínú DSM-5, ìwé tí wọ́n fi ń mọ orúkọ àìsàn ọpọlọ, lọ́dún 2013, ọ̀fẹ́ ló wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde lónìí kẹ́ ẹ sì máa lò ó fún aláìsàn yín. Ibi tí gbogbo wa ti ń kọsẹ̀ ò sí nínú kọ́ọ̀sì yẹn, òun ni mo fẹ́ sọ, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ọpọlọ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti rí i tí ìbéèrè dáadáa ba ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa jẹ́.

Àṣìṣe kìíní: kẹ́ ẹ máa kà á bíi fọ́ọ̀mù báńkì. Tí aláìsàn bá ti dáhùn ìbéèrè keje nígbà tẹ́ ẹ ń bi í ní ìkẹta, ẹ má tún bi í mọ́.

Àṣìṣe kejì: kẹ́ ẹ rò pé CFI ló máa sọ orúkọ àìsàn fún yín. Kì í sọ ọ́. Ẹ ṣì máa yẹ èèyàn wò bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ ṣì máa bèèrè bóyá ó ń rò ó láti pa ara ẹ̀.

Àṣìṣe kẹta: kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín rọ́pò ọ̀rọ̀ aláìsàn. Ìbéèrè kejì ní kẹ́ ẹ bi í pé báwo ló ṣe máa ṣàlàyé ìṣòro ẹ̀ fún ẹbí ẹ̀ tàbí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá lò níbẹ̀ lẹ máa gbé lọ sínú gbogbo ìbéèrè tó kù, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi fi àlàfo sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù yẹn. Àlàfo yẹn ni ọ̀pọ̀ yín ń fi "ìsoríkọ́" dí kí aláìsàn tó lanu. Ta ló ń sọ "ìsoríkọ́" fún àbúrò ẹ̀ lórí fóònù?

Ẹ jẹ́ kí n fi Màmá kan ṣe àpẹẹrẹ, mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kẹ́nikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Ọmọ Èkìtì ni, ó lé lọ́gọ́ta ọdún, ó wá bá ọmọ ẹ̀ tọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́rin ni ò fi rí oorun sùn dáadáa. Ó ní orí òun ń gbóná, ó ní nǹkan ń rìn nínú ẹ̀. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i pe ògbufọ̀ lórí fóònù, ó bi Màmá pé kí ló fa á. Màmá ní, "Ayé ò fẹ́ kí n sinmi." Ògbufọ̀ yẹn túmọ̀ ẹ̀ sí pé gbogbo ilé ayé pátá ni ò fẹ́ kó sinmi. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà pé gbogbo èèyàn ń dọdẹ òun, ó sì fi nǹkan tó ń rìn lórí yẹn kún un pé ara ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ò sí. Ni wọ́n bá kọ olánsapíìnì, oògùn tí wọ́n ń lò fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀, fún un. Màmá ń sùn bí òkúta, ó ń sanra, ẹkún tó wà lọ́rùn ẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀.

Gbogbo wa táa gbọ́ Yorùbá la mọ̀ pé "ayé" tí Màmá ń sọ kì í ṣe ilé ayé. Àwọn èèyàn ni, àwọn tó mọ èèyàn dáadáa tí ò sì fẹ́ ire fún un, téèyàn ò ní dárúkọ wọn. Orí gbígbóná àti nǹkan tó ń rìn nínú orí náà, bí ìdààmú ṣe máa ń bá wa nínú ara nìyẹn. Láti ọdún 1960 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Raymond Prince ti kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Nàìjíríà tí orí ń jó, tí ojú ń ṣú, tí ìwé ò sì wọlé mọ́, ọ̀rọ̀ ara ni gbogbo wọn fi ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ìbéèrè karùn-ún ló yẹ kí dókítà yẹn sá lọ bá. Ó ní kẹ́ ẹ bèèrè ohun tí ẹbí, ọ̀rẹ́ àtàwọn ará àdúgbò aláìsàn rò pé ó fa á. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa mọ ìyàtọ̀. Tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, pásítọ̀ ẹ̀ àti àbúrò ẹ̀ nílé bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, tí ìjà tí wọ́n ń sọ bá sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àlàyé tí gbogbo wọn jọ ní nìyẹn, kì í ṣe àmì àìsàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, tí àwọn ẹbí tó gbà gbọ́ nínú àsàsí àti èpè fúnra wọn bá ń sọ pé èyí ti kọjá bẹ́ẹ̀, tó bá ti ń kọ oúnjẹ sílẹ̀ torí ẹ̀, tàbí tó ń gbóhùn tó ń pàṣẹ fún un, ẹ má fi àṣà bò ó mọ́lẹ̀ o. Mo ti rí ìyẹn náà, níbi tí wọ́n ti ní àṣà ni títí ọmọkùnrin kan fi wà láìjẹun fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ẹ má rò pé èdè tẹ́ ẹ gbọ́ ti tó. Èmi gan-an ti ṣe é rí. Bàbá kan jókòó síwájú mi, tíṣà ni nílé kó tó wá máa ṣiṣẹ́ olùtọ́jú arúgbó níbí, kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti bi í pé, "Ṣé ẹ rò pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, sà?" Ó wò mí títí. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ló ń pa òun, àti ọmọ kékeré tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá òun tó ń pe òun lórúkọ bí ẹni ń pe ajá. Kò padà wá mọ́. Mo ti bi í ní ohun tí mo fẹ́ gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ọmọ aláìsàn, ẹ má lo ọkọ, ẹ má lo aya, ẹ má lo ẹni tó ń gbálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù torí pé ó gbọ́ Yorùbá. Mo ti rí ọmọ ọdún méjìlá tó ń bi ìyá ẹ̀ bóyá ó fẹ́ pa ara ẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún rí i.

Ìnáwó tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tó gba ògbufọ̀ tòótọ́ tán, tí wọ́n gbà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan o! Wákàtí kan ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ bá ògbufọ̀ nìkan sọ̀rọ̀ kí aláìsàn tó wọlé. Èmi máa ń sọ fún un pé tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ò ní ẹlẹgbẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì, kó fi í sílẹ̀ ní Yorùbá, kó pe àwọn lẹ́tà ẹ̀ fún mi kí n kọ ọ́, ká wá jọ bi aláìsàn pé kí ló túmọ̀ sí lẹ́nu ẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ aláìsàn ṣe. Tí ọ̀rọ̀ ò bá já síra wọn, kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ògbufọ̀ wa fẹ́ràn kí wọ́n tún ẹnu aláìsàn ṣe kójú má bàa ti gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ àìjásíra yẹn gan-an ni dókítà ń wá.

Mo sì máa ń bi í pé báwo ló ṣe máa bèèrè nípa àìsàn ọpọlọ. Bó bá dáhùn pé òun máa ní "Ṣé wèrè wà nídìílé yín?" mo máa ń dá a dúró níbẹ̀. Ìbéèrè tí ẹbí ìyàwó fi ń wádìí ẹbí ọkọ nìyẹn, òun ló ń tú ìgbéyàwó ká. Kò sí ìyá tó máa ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí tí ìrònú ti dà láàmú rí, tàbí tó ti lo oògùn torí oorun rí?" la máa ń sọ.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, a máa bi aláìsàn ní kọ̀rọ̀ bóyá ó mọ ògbufọ̀ yìí, bóyá ìlú kan náà ni wọ́n, ìjọ kan náà. Àwọn kan fẹ́ ẹni tó gbọ́ ohùn Èkìtì wọn, àwọn kan fẹ́ ẹni tó jìnnà sí wọn pátápátá, lórí fóònù, tí ò mọ orúkọ wọn. Ẹ bi í, ẹ má ṣe méfò.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn tó ṣí wá síbí wá ju ti ilé lọ. Nílé, orúkọ ìdílé ni. Níbí, ó tún ń bẹ̀rù pé wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnnà ẹ̀, pé àwọn sóṣà á wá gba ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, pé wọ́n á fi òfin ìlera ọpọlọ ti ọdún 1983 tì í mọ́lé, tí abala kejì ẹ̀ lè dáni dúró fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán, àkọsílẹ̀ ìjọba ní Ìńgílándì fi hàn lọ́dọọdún pé iye aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi òfin yìí dá dúró, táa bá fi wé iye wọn nílùú, ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìbéèrè kẹtàlá ló kan ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó dí i lọ́wọ́ láti gba ìtọ́jú, ó sì dárúkọ ìtìjú àti ìyàsọ́tọ̀ níbẹ̀. Ẹ má bèèrè ẹ̀ níṣojú ọmọ ẹ̀. Ẹ sì má fi lẹ́tà tí orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ wà lára àpòòwé ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé tí èèyàn márùn-ún jọ ń gbé.

Nígbà tí wọ́n gbé Màmá dé ọ̀dọ̀ wa, a ní kí ọmọ ẹ̀ dúró níta. Mo bi í pé tó bá ń ṣàlàyé fún àbúrò ẹ̀ ní Adó, kí ló máa sọ? Ó ní, "Màá ní ìrònú ló fẹ́ pa mí." A kọ "ìrònú" sílẹ̀, kò sígbà táa tún pè é ní nǹkan mìíràn. Ta ni ayé tí ò jẹ́ kó sinmi? Àwọn ẹbí ọkọ ẹ̀ tí wọ́n ń bá a du ilé kan. Àbúrò ẹ̀ ńkọ́, kí ló rò? Òun náà sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀ ní wàhálà ọmọ títọ́ ni. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ibẹ̀ ló ti dákẹ́. Ọkọ ẹ̀ kú nílé lẹ́yìn tí Màmá ti dé síbí, ìwé Màmá ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn oníwèé ìrìnnà, tó bá jáde nílùú ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ti parí nìyẹn, kò sì lè lọ. Orí fóònù ọmọ ẹ̀ ló ti wo ìsìnkú ọkọ tó fẹ́ ẹ fún ogójì ọdún. Kò sọ ọ́ fún dókítà àkọ́kọ́ torí ọmọ ẹ̀ jókòó tì í, kò sì fẹ́ kí ọmọ yẹn rò pé òun ló ń dá lẹ́bi.

Dókítà wa dín olánsapíìnì yẹn kù díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dá a dúró, wọ́n fún un ní oògùn ìsoríkọ́, wọ́n sì wá ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ọ̀fọ̀. Ìbéèrè kẹrìnlá ní irú ìrànwọ́ wo ló máa wúlò fún un jù, ó ní òun fẹ́ ibi tí òun ti máa sunkún tí ọmọ ò ní gbọ́. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni bóyá ẹ̀rù ń bà á pé a ò ní gbọ́ra wa yé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ti ayé yẹn rẹ́ nínú ìwé yín, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò sin ọkọ mi." Ìwé ìwòsàn ò ṣeé parẹ́, a sọ ọ́ fún un. A kọ tiẹ̀ sí iwájú, ní Yorùbá bó ṣe sọ ọ́, a wá fi Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀.