Bí mo ṣe sọ ìbéèrè kọ́sítọ́mà di fídíò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀

Àwọn ìbéèrè kan náà làwọn kọ́sítọ́mà ń bi mí ṣáá, bíi: "Ṣé aṣọ yìí ò ní súnkì tí mo bá fọ̀ ọ́?" Mo ṣe fídíò gígùn kan tó dáhùn gbogbo ìbéèrè pọ̀, wọn ò wò ó dópin, wọ́n ṣì ń béèrè. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni pé mo padà sínú mẹ́séèjì, mo ṣa àwọn ìbéèrè tó ń wá jù, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́. Ìbéèrè kan fún fídíò kan, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ìbéèrè á hàn, ìdáhùn á tẹ̀ lé e kíá, lẹ́yìn náà ẹ̀rí, mo wọn aṣọ, mo fọ̀ ọ́, ó gbẹ, mo tún un wọ̀n. Fídíò náà kì í pé ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá béèrè báyìí, líǹkì fídíò tó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ni màá fi ránṣẹ́, tó bá tún béèrè lẹ́yìn tó wò ó, ìdáhùn yẹn ò yé èèyàn nìyẹn, màá tún fídíò náà yà. Mi ò kì í fi iye owó sí i o, torí ó máa ń yí padà. Bóyá ó máa rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọjà, mi ò lè sọ.