Bí mo ṣe rí yanrìn àti tíréè tí ológbò mi gbà láti lò

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ ológbò mi tó kọ̀ tí ò tọ̀ sínú tíréè ẹ̀ mọ́ ni mo fẹ́ sọ, torí ó tó oṣù méjì kí n tó mọ ohun tó ń lé e kúrò níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíì wà tó ń fọ rọ́ọ̀gì kan náà lójoojúmọ́ báyìí tó rò pé ológbò òun kàn ń ṣoríkunkun ni.

Músù ni mò ń pè é. Akọ ni, ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó gùn, ó sì sanra díẹ̀. Àtikékeré ló ti ń lo tíréè láìsí wàhálà, àfi lọ́jọ́ kan tí mo bá ìtọ̀ lórí aṣọ tí mo kó jọ láti fọ̀. Lọ́jọ́ kejì, orí rọ́ọ̀gì ni. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di ojoojúmọ́. Ìgbẹ́ ẹ̀ ṣì ń wà nínú tíréè, àmọ́ nígbà míì ìdajì á wà nínú ẹ̀, ìdajì á ti já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin náà ẹ má fo ìyẹn. Tí ìtọ̀ bá ń dun ológbò, ó lè gbà pé tíréè ló ń dun òun, á wá sá fún un. Ti akọ tún le jù, torí ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè dí pátápátá. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń wọlé tó ń jáde nínú tíréè, tó ń lóṣòó, tó ń fipá tọ̀, tó ń ké, tí nǹkan kan ò jáde tàbí kó jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀ ló ń jáde, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì, ó lè pa á. Wọ́n yẹ ìtọ̀ Músù wò, wọ́n fọwọ́ tẹ ikùn ẹ̀, ara ẹ̀ dá ṣáká. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé inú tíréè gan-an ni ẹjọ́ wà.

Nǹkan tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé mo jókòó wò ó. Tíréè tó ń lò ní ìdérí bí ilé kékeré, mo ṣí ìdérí yẹn kúrò, mo lọ jókòó sí ìkángun yàrá, mi ò tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tó yá ó wọlé. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló gbé lé yanrìn (gbogbo nǹkan tá a ń dà sínú tíréè ni mò ń pè ní yanrìn o, ì báà jẹ́ amọ̀, pákó tàbí bébà), ẹsẹ̀ iwájú wà lórí etí tíréè, kò gbé e sọ̀ rárá. Ó gbìyànjú láti yí po, ìdí ẹ̀ lu ògiri tíréè, ó tún yí padà. Ó wá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè ó gbọ̀n ọ́n wìnnìwìnnì bí ẹni tó tẹ omi. Ó ṣu tán, ìdí ẹ̀ ti yọ síta tíréè, ara ike ló wá ń họ dípò yanrìn, ó sì fò jáde láìbo nǹkan kan mọ́lẹ̀.

Gbogbo ohun tí mò ń wá ló wà nínú ìṣẹ́jú kan yẹn. Ológbò tí ara bá tù máa ń gbẹ́ ilẹ̀, á yí po, á tọ̀, á tún bò ó. Èyí tó bá ń dúró sórí etí, tó ń gbọnsẹ̀, tó ń họ ògiri, yanrìn yẹn ni ò fẹ́ kó kan àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Ìdí tó yọ síta ní tiẹ̀, tíréè ló kéré. Ibi tó sì lọ ń tọ̀ sí, ẹ ò rí i pé aṣọ àti rọ́ọ̀gì ni, nǹkan tó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Kóró pákó tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni mò ń lò nígbà yẹn, ó nípọn tó ìka ọmọdé, wọ́n tún fi lọ́fíńdà sí i. Ọ̀dọ̀ mi ni òórùn yẹn ti dùn, imú ológbò mú ju tiwa lọ fíìfíì.

Ìṣòro méjì nìyẹn, mi ò sì fẹ́ tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà torí mi ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí tíréè.

Bá a ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé kẹ́ ẹ gbé téèpù sí ẹ̀yìn ológbò nígbà tó bá dúró tó ń jẹun, láti imú dé ìdí ìrù, ẹ má ka ìrù mọ́ ọn. Ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ fi ìdajì ẹ̀ kún un, ó kéré tán bí tíréè ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó nìyẹn. Músù jẹ́ sẹ̀ntímítà 48, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 24, àpapọ̀ 72. Mo wá wọn tíréè tó wà nílẹ̀, sẹ̀ntímítà 40 péré! Inú nǹkan tí ò tó gígùn ara ẹ̀ ni mo ní kó máa yí po látọjọ́ yìí.

Ọ̀pọ̀ tíréè tí wọ́n ń tà fún ológbò ni ò tó gígùn yẹn, nítorí náà ike ńlá tí wọ́n fi ń kó aṣọ pamọ́ ni mo rà, ó gùn ní 75, ó fẹ̀ ní 45, ògiri ẹ̀ ga ní 35. Mo fẹ́ ògiri tó ga torí Músù máa ń nàró díẹ̀díẹ̀ tó bá ń tọ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ìlóṣòó kó parí ẹ̀ ní ìdúró, ìtọ̀ á wá gba orí ògiri kúkurú kọjá. Mo fi ayùn kékeré gé ẹnu ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ṣẹ́ sẹ̀ntímítà 13 kù nísàlẹ̀ kí yanrìn má bàa dà jáde, mo wá fi sáńpépà fá etí ibi tí mo gé títí tí kò fi lè ya á lára mọ́. Tí ológbò yín bá ti dàgbà tí oríkèé ń dùn ún, ẹ gé e wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má jẹ́ pé ó máa fò kó tó wọlé. Mi ò dé e lórí.

Mo da kóró pákó àtijọ́ yẹn náà sínú ẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ìgbẹ́ wọ inú ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ìkankan ò já bọ́ síta mọ́. Ìtọ̀ ńkọ́? Ó dín kù o, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣì tọ̀ sórí rọ́ọ̀gì lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì ń gbọnsẹ̀ síbẹ̀. Mo ti gba ìdáhùn fún ìṣòro kan, ó wá ku yanrìn.

Fún ti yanrìn, ológbò fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó yàn. Mo ra ike kejì tó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, mo gé e bákan náà, mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní kọ̀rọ̀ tí ariwo ò sí, tó jìnnà sí abọ́ oúnjẹ ẹ̀. Ọ̀kan gba kóró pákó, ìkejì gba amọ̀ lẹ́búlẹ́bú tí kò ní lọ́fíńdà, irú èyí tó máa ń dì pọ̀ bí ìtọ̀ bá kàn án. Ìdí tí mo fi mú un ni pé ó sún mọ́ iyanrìn ilẹ̀ jù, ọ̀pọ̀ ológbò ló sì fẹ́ràn kóró tó kúnná tí kò rùn. (Ọmọ ológbò kékeré ò gbọ́dọ̀ lo èyí tó ń dì o, wọ́n máa ń fi nǹkan sẹ́nu, ó lè dì sí wọn níkùn, ẹ fún wọn ní ti bébà.)

Àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń kó o, mo sì ń kọ iye ẹ̀ sílẹ̀. Nínú amọ̀, òkìtì kan jẹ́ ìtọ̀ kan, ó rọrùn láti kà. Pákó kì í dì, ńṣe ló máa ń tú di lẹ́búlẹ́bú níbi tí ìtọ̀ bá kàn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Lẹ́yìn ọjọ́ méje mo pààrọ̀ àyè àwọn ike méjèèjì, kí n lè mọ̀ bóyá ibi tó wà ló fẹ́ ni àbí ohun tó wà nínú ẹ̀. Músù tẹ̀ lé amọ̀ lọ sí apá kejì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tá a bá kó ọjọ́ 14 pọ̀, ìtọ̀ 36 ló wà nínú amọ̀, 3 nínú pákó, 2 lórí rọ́ọ̀gì, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ sì ni méjèèjì yẹn bọ́ sí. Nígbà tí mo rí i tó tẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, tó ń gbẹ́ ihò, tó ń bò ó pẹ̀lú sùúrù, inú mi dùn débi pé mo pe ará ilé kó wá wò ó.

Àṣìṣe kan tí mo ṣe níbẹ̀ ni jíjìn ẹ̀. Sẹ̀ntímítà 3 ni mo kọ́kọ́ dà, ìtọ̀ wá kan ìsàlẹ̀ ike ó lẹ̀ mọ́ ọn bíi sìmẹ́ńtì, bí mo ṣe ń ha á ni ike ń ha, ara ike tó bá sì ti ha máa ń fa òórùn mọ́ra. Mo fi kún un dé 6, òkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kúrò ní odidi. Ọṣẹ tí kò le àti omi ni mo fi ń fọ ike fúnra ẹ̀.

Rọ́ọ̀gì yẹn náà gba àkókò. Bílíìṣì ni mo fi ń nù ún tẹ́lẹ̀, kò dáa rárá, torí amóníà wà nínú ìtọ̀, tó bá pàdé bílíìṣì ó máa ń yọ èéfín tó ń pa èèyàn lára. Ọṣẹ lásán náà kì í tú òórùn ẹ̀ tán, imú wa lè má gbọ́ ọ, ti ológbò á gbọ́ ọ, á sì padà síbẹ̀. Ohun ìfọ̀ tó ní ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń tú ohun tó ń rùn nínú ìtọ̀ ká, ni mo rà, mo rin ibẹ̀ gbindin kó lè wọlé dé ibi tí ìtọ̀ dé, mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ fúnra ẹ̀, mo sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Mi ò kó ike kejì kúrò. Amọ̀ náà ló wà nínú ẹ̀ báyìí, ó máa ń tọ̀ sínú ọ̀kan, á lọ ṣu sínú ìkejì. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí mi ò fọ ìtọ̀ kúrò lórí rọ́ọ̀gì.