Mo ti rí ibi tí ọmọ mi ti ń wo fídíò tí mi ò mọ̀

Ọmọ mi, ọmọ ọdún 10, ló déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ kan, mo ní níbo lo ti gbọ́ ọ, ó ní YouTube. Ó yà mí lẹ́nu torí èmi fúnra mi ni mo ṣí àkáǹtì abẹ́ àbójútó fún un, Explore ni mo sì fi í sí, ìyẹn ti ọmọ ọdún 9 sókè.

Mo gba fóònù ẹ̀, mo ṣí YouTube, mo wo History, bọ́ọ̀lù àti àwàdà nìkan ni mo bá. Mo wọ Settings lórí fóònù tèmi, mo tẹ Family Center, mo tẹ orúkọ ẹ̀, Explore náà ló ṣì wà. Kí ló wá dé?

Àṣé tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ni! Àkáǹtì tèmi ló wà lórí ẹ̀ látijọ́ tá a ti kó wá sí Challenge n'Ìbàdàn, tí mo bá ti lọ sọ́jà Bódìjà báyìí, ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Inú History tèmi ni mo ti wá rí gbogbo ẹ̀, fídíò tí mi ò wò rí láyé mi. Restricted Mode, ìyẹn ètò YouTube tó ń fi fídíò àgbàlagbà pamọ́, tí mo tàn sórí fóònù mi ò dé bẹ̀, torí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń tàn án sí lọ́tọ̀.

Mo yọ àkáǹtì mi kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, mo fi tiẹ̀ wọlé, mo wá tan Restricted Mode síbẹ̀ fún ìgbà tó bá fẹ́ wò ó láìfi àkáǹtì kankan wọlé (ọmọ yìí gbọ́n jù). Mo wá fídíò ọjọ́sí lórí àkáǹtì ẹ̀, kò jáde mọ́.