Orúkọ tí odídẹrẹ́ wa padà pè

Odídẹrẹ́ wa ní Kubwa, l'Abuja, mọ ìfé í sú, ó sì máa ń dún bíi géètì wa gan-an, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ ara rẹ̀ rí. Fọlábọ̀mí la sọ ọ́. Mo ń pè é léraléra lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò, ó kàn ń fi ìfé gbé ohùn orúkọ náà ni. Mo gé e kù sí Bọ̀mí. Àwọn ọmọ ń fà á gùn, èmi ń pè é kúrú, kò sì yí padà.

Máígáàdì wa ló là mí lójú. Orúkọ tí Hausa ń pe odídẹrẹ́, "aku", ló fi máa ń kí i, ẹyẹ náà sì gbé "ku" yẹn ketekete. Odídẹrẹ́ kò ní ètè tó lè pa pọ̀ fún b àti m bíi tiwa. Ìró k àti t máa ń tètè mọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Mo wá yan Kíkí: kò gùn, ohùn òkè ni sílébù rẹ̀ méjèèjì, kò sì jọ orúkọ ẹnikẹ́ni nílé. Gbogbo wa ń pè é bákan náà, tayọ̀tayọ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Bó bá ti gbìyànjú, a ó fún un ní ẹ̀pà lójú ẹsẹ̀. "Kí" ló kọ́kọ́ jáde, kó tó pé.

Ti ẹlòmíì lè pẹ́ ju tiwa lọ, pàápàá ẹyẹ tí kò tíì pé ọdún kan. Òmíràn kò ní sọ̀rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n yóò máa yíjú bí ẹ bá pè é.